Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ni Kí Ẹ Kọ Sábẹ́ Àwòrán Bàtà, Kì Í Ṣe Oríkì

Bí ẹ bá ṣí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù yín láàárọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwòrán méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàtà tó ti lanu wà lápá òsì, bàtà kan náà tó ń dán gbinrin wà lápá ọ̀tún. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí: “Ṣáájú àti lẹ́yìn! Àwa lọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sí bàtà tí a kò lè tún ṣe. Ẹ pè wá.” Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí ni àwọn aránbàtà, télọ̀ àti mẹkáníìkì àdúgbò máa ń bẹ̀ pé kí a bá wọn kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n gbà pé ẹni tó ń kọ́ nípa èdè ló yẹ kó mọ ohun tí a ń kọ. Èrò tèmi ni pé oríkì la sábà máa ń kọ fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ wọn nílò.

Iṣẹ́ aránbàtà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí kò wọ bàtà nínú wa, àti pé iṣẹ́ náà fi ìṣòro yìí hàn kedere. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwòrán lè sọ àti ohun tí kò lè sọ.

Ká ní sóòlù bàtà aláwọ kan já kúrò lára awọ òkè, láti iwájú dé àárín. Ọ̀nà méjì ni ẹnìkan lè gbà pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀nà kìn-ín-ní kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: kí ó kán súpà gúlù sí i, kí ó dì í mú, kí ó sì fi pólíìṣì kun ún. Ọ̀nà kejì lè gba ọjọ́ méjì. Aránbàtà á la ẹnu bàtà náà dáadáa, á ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, á fi sáńpépà ha ojú awọ àti ojú sóòlù títí wọn ó fi rí kísikìsi lọ́wọ́, á gbọn eruku rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi gọ́ọ̀mù aránbàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ojú méjèèjì. Kò ní í pa wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí tí gọ́ọ̀mù náà kò fi ní í lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka tó bá fi kàn án. Ìgbà yẹn ni yóò pa wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi hámà lù ú yípo. Tó bá di ọjọ́ kejì, yóò fi òwú tí a fi ìda pa rán sóòlù náà mọ́ awọ.

Tí a bá ya àwòrán iṣẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n parí, ojú kan náà ni wọn yóò ní. Àní, ó ṣeé ṣe kí ti súpà gúlù dán jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ní í hàn títí ẹni tó ni bàtà yóò fi rìn. Súpà gúlù máa ń le kankan bó bá gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni bàtà máa ń tẹ̀ níbi oríkèé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀. Ohun tó le tí kò sì lè tẹ̀ yóò sán níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù aránbàtà ní tirẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń bá bàtà tẹ̀. Kámẹ́rà kankan kò lè ya ìyẹn.

Ibí ni ohun tí a kọ́ ní kíláàsì ti wúlò. Ní ọdún 1964, Roland Barthes kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí àwòrán ṣe ń sọ̀rọ̀, ìpolówó màkàróní kan ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní àwòrán kan ṣoṣo lè ní ìtumọ̀ púpọ̀, pé ọ̀rọ̀ tí a kọ mọ́ ọn ló ń dá ọ̀kan dúró nínú àwọn ìtumọ̀ náà. Orúkọ tó fún iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ lédè wa: ìdákọ̀ró. Ẹ wá gbé èyí ka “Àwa lọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí.” Kí ni gbólóhùn yẹn dá dúró? Ẹni tó lo súpà gúlù lè kọ ọ́, ẹni tó fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ náà lè kọ ọ́. Bí gbólóhùn kan bá bá iṣẹ́ méjèèjì mu láìyí ohunkóhun padà, a jẹ́ pé ìdákọ̀ró náà kò kan ìsàlẹ̀ omi.

Ẹni tí èyí ń pa lára jù ni aránbàtà tó mọ iṣẹ́. Oníbàárà tó ń wo àwòrán méjì tó jọra, tí ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn sì jọra, kò ní ohun mìíràn tó lè fi yàn ju owó lọ. Ó máa yan ẹni tó kéré jù, ẹni tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe é ló sì lè gba owó kékeré. Nígbà tí bàtà náà bá tún lanu, oníbàárà kò ní í sọ pé súpà gúlù ni kò dára. Ohun tí yóò sọ ni pé àwọn aránbàtà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, yóò sì lọ ra bàtà òkìrìkà mìíràn.

Mo bá aránbàtà kan tó wà nítòsí ibi tí mò ń gbé ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ nípa èyí. Àgbà ni wọ́n, ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n fi àwòrán bàtà búráwùn kan hàn mí lórí fóònù wọn, wọ́n ní kí n bá wọn wá ọ̀rọ̀ sí i.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí lẹ ṣe sí bàtà yìí?”

“Mo tún un ṣe ni.”

“Báwo lẹ ṣe tún un ṣe, sà?”

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò yé. “Ọmọ mi, ṣé bí ẹ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ní yunifásítì nìyí? Ó lanu, mo sì tún un ṣe.”

Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ fa awọ rẹ̀ wò, àwọn sì rí i pé kò ya, pé gọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ ló gbẹ. Wọ́n ní ẹnìkan ti kán súpà gúlù sí i rí, òun ló sì fa iṣẹ́ jù, nítorí ó ti dì sára awọ bí yìnyín, àwọn ní láti máa ha á díẹ̀díẹ̀ kí awọ má baà fà ya. Wọ́n ní àwọn kò kàn rán an lórí lásán, àwọn fi ọ̀bẹ fa ilà sí ìsàlẹ̀ sóòlù kí òwú lè rì sínú rẹ̀, torí òwú tó bá yọ síta ni ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ. Ohun gbogbo tí oníbàárà lè fi mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ògbèrì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ “mo tún un ṣe” ló kọ́kọ́ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀. “Tún ṣe” jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń pín sí méjì tí àbọ̀ sì ń wọ àárín: tún bàtà ṣe, tún ilé ṣe, tún ayé ṣe. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé nǹkan kan wà tí kò dára, a sì dá a padà sí dídára. Kò sọ bí a ṣe dá a padà. Èdè wa kò sì ṣaláìní àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ha, lẹ̀, rán, pààrọ̀, kun, lù, gbẹ́, fà: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀. Bí mo bá kà pé “a lẹ̀ ẹ́,” mo mọ̀ pé gọ́ọ̀mù nìkan ni. Bí mo bá kà pé “a lẹ̀ ẹ́, a sì rán an,” mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àwòrán ti sọ pé ó dára báyìí, nítorí náà “tún ṣe” kò fi nǹkan kan kún un. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké wọ̀nyẹn ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kìn-ín-ní àti ìkejì.

Ohun kejì ni orúkọ àìsàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá oníṣẹ́-ọwọ́ kọ̀wé máa ń lọ wá orúkọ ńlá fún àléébù tí wọ́n tún ṣe. Ẹni tó ni bàtà kò mọ orúkọ yẹn. Ohun tó ń sọ nílé ni pé “bàtà mi ti lanu,” “ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ,” “inú rẹ̀ ti ń bó.” Bó bá rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an lábẹ́ àwòrán, ojú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìlà àkọ́kọ́ ló sì yẹ kí ó ti rí i, nítorí Wásáàpù máa ń ká ọ̀rọ̀ gígùn kò, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló sì ń hàn kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ààlà. Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni “kò sí bàtà tí a kò lè tún ṣe,” òun ló sì ń kó oníṣẹ́ sí ìjàngbọ̀n jù. Irú sóòlù kan wà tó fúyẹ́, tó rọ̀ bí kànìnkànìn, tí wọ́n fi póliyúrétéènì ṣe. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú wá, kódà bí bàtà náà bá wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Ó lè pé ọdún mélòó kan kó tó hàn, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá gbé e wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó, ńṣe ni yóò máa rún wómúwómú sílẹ̀ bí búrẹ́dì gbígbẹ. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè mú irú sóòlù bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù yóò di ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú náà ni yóò tún ti já. Àfi kí a gé gbogbo rẹ̀ kúrò kí a fi sóòlù mìíràn sí i.

Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ rọrùn: ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ sóòlù náà. Bí ó bá padà bọ̀ sípò, ó ṣì ní okun. Bí ojú ibẹ̀ bá wó wọlé, tàbí tí ó bá ń bó bí ìyẹ̀fun, ó ti kú. Aránbàtà tó bá kọ èyí sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà tí yóò gbé irú bàtà bẹ́ẹ̀ wá, tí yóò sì bínú pé wọ́n ṣèlérí fún òun. Ó tún ti fi hàn pé òun mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Ìlérí tún kan àmì ohùn, mo sì fẹ́ kí àwa ọmọ ẹ̀ka yìí fojú sí i, torí àwa la máa ń jiyàn pé àmì ohùn ṣe pàtàkì tí a kì í sì í lò ó lórí fóònù. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí aránbàtà kan ṣe lè tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì: “Bi o ba tun lanu laarin osu meta, a o gbowo.” Bí ẹ bá kà á sí “a ò gbowó,” ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà. Bí ẹ bá kà á sí “a ó gbowó,” oníbàárà yóò sanwó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlérí kan náà ti di òdìkejì ara rẹ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lórí lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì fà á. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló rọrùn láti fi tẹ àmì ohùn, nítorí náà ọ̀nà tó dájú ni kí a yí gbólóhùn náà padà: “ọ̀fẹ́ la máa tún un ṣe.” Ìyẹn kò lè ní ìtumọ̀ méjì bí a kò tilẹ̀ fi àmì sí i.

Ó ku ìpè. “Ẹ pè wá” kò sọ ohun tí ẹni tó pè yóò wí, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn rẹ̀ fi máa ń jẹ́ “Èló ni?” Aránbàtà kò lè dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, nítorí kò tíì rí bàtà náà. Bó bá dárúkọ owó kékeré, yóò jẹ gbèsè. Bó bá dárúkọ owó ńlá, oníbàárà yóò sá. Kí ìpè náà béèrè ohun tí aránbàtà fi ń dá iye lé, ìyẹn bí ibi tó lanu ṣe gùn tó, ipò tí sóòlù wà, àti bóyá ẹnìkan ti fi ọwọ́ kàn án rí. Àwòrán mẹ́ta àti ìbéèrè kan ti tó.

Nígbà tí èmi àti bàbá náà jókòó tì í, ohun tí a kọ sábẹ́ bàtà búráwùn yẹn nìyí:

“Bàtà yìí lanu láti iwájú dé àárín. Awọ rẹ̀ kò ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló gbẹ, wọ́n sì ti kán súpà gúlù sí i rí. A ha gbogbo rẹ̀ kúrò, a lẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun, a sì rán sóòlù rẹ̀ yípo. Òwú náà rì sínú, ilẹ̀ kò lè tètè jẹ ẹ́. Ọjọ́ méjì ló gbà. Bí ó bá tún lanu láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀fẹ́ la máa tún un ṣe. Bí sóòlù tiyín bá ń rún bí búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù kò lè mú un, pípààrọ̀ ni. Ẹ fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa: ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀, àti ibi tó ti lanu. Ẹ sọ fún wa bí ẹnìkan bá ti lẹ̀ ẹ́ rí. A máa sọ iye owó fún yín kí ẹ tó gbé e wá.”

Kò sí ọ̀rọ̀ “ọ̀gá” kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á ni yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo sì bẹ bàbá pé kí wọ́n fi àwòrán kẹta kún un, èyí tó fi ìsàlẹ̀ sóòlù hàn pẹ̀lú òwú inú ilà rẹ̀, kí a tó fi pólíìṣì kun ohunkóhun. Kí a sì ya ti ìṣáájú àti ti ìgbẹ̀yìn níbì kan náà, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bí ti ìṣáájú bá wà nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù tí ti ìgbẹ̀yìn sì wà nínú oòrùn, oòrùn ló ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe aránbàtà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ẹnìkan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà gùn jù, pé àwọn ènìyàn kì í kàwé lórí Wásáàpù. Òótọ́ ni pé ẹni tí bàtà rẹ̀ kò lanu kò ní í kà á dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni a kọ ọ́ fún. Ẹni tí bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó lanu sílẹ̀ ni a kọ ọ́ fún, ìlà àkọ́kọ́ sì ti pè é.

Bàbá fúnra wọn ní iyàn tó lágbára ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá kọ bí àwọn ṣe ṣe é, ẹlòmíràn yóò jí iṣẹ́ àwọn kọ́. Mo gbà pé kí a má kọ orúkọ gọ́ọ̀mù, kí a má sì kọ iye ìṣẹ́jú tí a fi ń dúró dè é. Ìyẹn jẹ́ ti oníṣẹ́ àti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka “a rán sóòlù rẹ̀ yípo” tó mọ bí a ṣe ń rán an. Ọwọ́ ló ń kọ́ ìyẹn, ọdún púpọ̀ ló sì ń gbà. Ohun tí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ń ṣe ni láti jẹ́ kí oníbàárà mọ ìdí tí iṣẹ́ ọjọ́ méjì fi wọ́n ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde tí wọ́n ṣì máa ń pè yín láti kọ irú nǹkan báyìí, bí oníṣẹ́-ọwọ́ kan bá tún gbé àwòrán wá, ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó rí nígbà tó gba nǹkan náà lọ́wọ́ onítọ̀hún, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ibi tí iṣẹ́ náà kò lè dé, àti ohun tó fẹ́ mọ̀ kó tó dárúkọ owó. Bó bá dáhùn pé “mo tún un ṣe ni,” ẹ rọra tún un bi.